Bí sláìdì ẹlasitísítì ṣe ń di nóòtì tí èèyàn lè fi wọ gbọ̀ngán ìdánwò

*Ẹ káàsán, mà. Ọdún kìíní ni mo wà ní Àkókà, ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mò ń kà. Sláìdì 46 ni lẹ́kítọ̀rà wa fi ránṣẹ́ lórí ẹlasitísítì, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ló kún inú rẹ̀. Mo ti dà á kọ sínú ìwé tán, ṣùgbọ́n tí mo bá ti pa ìwé dé, mi ò lè sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di nóòtì tó ní ìtumọ̀, àpẹẹrẹ, àti àwọn ìbéèrè tó ṣeé ṣe kó jáde? Apá kan ìdánwò wa, orí kọ̀mpútà ni. Apá kejì, kíkọ ni.*

Dídà tí o dà á kọ yẹn gan-an ló kó ẹ sí wàhálà, ọmọ mi. Ohun tí lẹ́kítọ̀rà fi ń rán ara rẹ̀ létí ni sláìdì. Ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bí o bá da ìlà mẹ́fà kọ, ìlà mẹ́fà náà lo ní, àlàyé tó so ìlà kan mọ́ èkejì kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe nóòtì ni láti dá àlàyé yẹn padà.

Kí o tó mú bírò, wo irú fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .pptx, ṣí i nínú PowerPoint lórí kọ̀mpútà, tẹ View, kí o wá tẹ Notes Page. Àwọn lẹ́kítọ̀rà míì máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sábẹ́ sláìdì, wọn kì í sì í rántí yọ ọ́ kúrò. Mo ti rí ibi tí àpẹẹrẹ àti ìdáhùn rẹ̀ ti wà lábẹ́ níbẹ̀ tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó mọ̀. Bó bá jẹ́ PDF, kò dájú pé wàá rí irú ẹ̀. Nígbà náà, wá ẹni tó jókòó sí iwájú ní kíláàsì, kí o sì bi í léèrè ohun tí ọ̀gá sọ nígbà tí sláìdì yìí wà lójú ògiri.

Lẹ́yìn náà, ka gbogbo 46 náà lẹ́ẹ̀kan láì kọ nǹkan kan. Wàá rí i pé kò ju kókó méje lọ: ìtumọ̀, ìṣirò, ohun tó ń pinnu rẹ̀, owó tó ń wọlé fún ẹni tó ń tà, lẹ́yìn náà ẹlasitísítì ti owó tó ń wọlé fún oníbàárà, ti ọjà méjì tó kan ara wọn, àti ti ẹni tó ń kó ọjà wá. Ìyókù jẹ́ àkọlé, àwòrán àti àtúnsọ. Kókó kọ̀ọ̀kan ló máa ní ojú ewé kan tàbí méjì. Bí nóòtì rẹ bá pọ̀ tó sláìdì, àdàkọ lo tún ń ṣe.

Jẹ́ ká mú ẹyọ kan ká ṣe é tán. Gẹ̀ẹ́sì ni tìẹ máa jẹ́, Gẹ̀ẹ́sì náà lo sì máa fi kọ ìdánwò, ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń wà lórí rẹ̀ nìyí:

> Ẹlasitísítì díìmáǹdì sí owó ọjà
> Bí iye tí à ń rà ṣe ń dáhùn sí owó
> PED = %ΔQ ÷ %ΔP
> Ó ju 1 lọ / kò tó 1 / ó jẹ́ 1
> Ohun tó ń pinnu rẹ̀: àfidípò, àkókò, bó ṣe pọn dandan tó, ìpín rẹ̀ nínú owó oníbàárà

Ìlà kejì ni ọ̀pọ̀ máa ń há sórí bí ìtumọ̀. Kò tíì pé. Ìtumọ̀ tó pé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí à ń wọ̀n, ohun tí à ń fi wọ̀n ọ́n, àti ohun tó gbọ́dọ̀ dúró sójú kan nígbà tí à ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí máa kọ sínú nóòtì ni pé ó jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí iye ọjà tí àwọn èèyàn fẹ́ rà fi yí padà, tí a pín pẹ̀lú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí owó ọjà náà fi yí padà, nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù dúró bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ méjì ni ìlà kejì yẹn fò: "ìdá nínú ọgọ́rùn-ún" àti "gbogbo nǹkan yòókù". Àwọn méjèèjì ni máàkì wà lára wọn, nítorí náà fa ìlà sí abẹ́ wọn, kí o sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀.

Báwo lo ṣe máa mọ ìdí? Yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìtumọ̀, kí o wo ohun tó máa bàjẹ́. Mú ìyá kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tejúoṣó ní Yàbá. Ó ń ta báàgì kan ní ₦400, báàgì 100 ló ń tà lọ́sẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ta omi ládùúgbò fi owó lé e, ó di ₦500, òun náà wá ń ta 90. Bí o bá yọ "ìdá nínú ọgọ́rùn-ún" kúrò, wàá sọ pé náírà kan tó gorí owó máa ń lé báàgì 0.1 lọ. Ẹlòmíì tó ń ka omi ní ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, tó mọ̀ pé ọ̀rá 20 ló wà nínú báàgì, á sọ pé náírà kan ń lé ọ̀rá 2 lọ. Omi kan náà, oníbàárà kan náà, èsì méjì tó jìnnà síra. Tí ẹ bá fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe é, ìdá 10 ni ẹ̀yin méjèèjì máa rí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ rí ni iye báàgì tó ń lọ fún náírà kan, èyí tó jẹ mọ́ bí ìlà àwòrán díìmáǹdì ṣe dagun sí, kì í ṣe ẹlasitísítì, ìyàtọ̀ láàárín bí ìlà ṣe dagun sí àti ẹlasitísítì sì jẹ́ ìbéèrè tí àwọn lẹ́kítọ̀rà fẹ́ràn.

Ó yẹ kí àpẹẹrẹ inú nóòtì rẹ jẹ́ èyí tí o lè ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí o sì ti rí lójú. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ lókè òkun kún fún kọfí àti tíkẹ́ẹ̀tì sinimá. Bí o bá há a sórí láìmọ̀ ọ́n, lẹ́kítọ̀rà kan ṣoṣo tó bá yí nọ́ńbà padà ti dá ẹ dúró. Ìyá olómi wa tó. Owó fi ìdá 25 lọ sókè, iye tó ń tà fi ìdá 10 wá sílẹ̀. 10 pín sí 25 jẹ́ 0.4. Ní ti òótọ́, àmì òdì wà níwájú rẹ̀, torí pé bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, àṣà ni pé a kì í kà á sí. Kọ gbólóhùn yẹn sínú nóòtì, torí àwọn kan máa rí −0.4, wọ́n á sọ pé kò tó 1 nítorí pé òdì ni. Ìdáhùn wọn bọ́ sí i, ìdí wọn kò bọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí −1.6, wọ́n á tún sọ pé kò tó 1, máàkì á lọ.

Ibi tí sláìdì ti máa ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára jù ló kù yìí, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á. Jẹ́ kí owó omi náà padà láti ₦500 sí ₦400, kí títà padà láti 90 sí 100. Owó fi ìdá 20 wálẹ̀, títà fi ìdá 11.1 gòkè, èsì jẹ́ 0.56. Ìyá kan náà, iye méjì kan náà, ó jẹ́ 0.4 nígbà tí à ń gòkè, ó di 0.56 nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀! Ohun tó fà á ni pé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a fi ń pín, ìbẹ̀rẹ̀ sì ti yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀nà ìdáméjì, tó ń fi àárín iye méjèèjì pín:

```
PED = [(Q2 − Q1) ÷ ((Q1 + Q2)/2)] ÷ [(P2 − P1) ÷ ((P1 + P2)/2)]
    = (10 ÷ 95) ÷ (100 ÷ 450)
    = 0.105 ÷ 0.222
    = 0.47
```

Bí o lọ sókè, bí o wá sílẹ̀, 0.47 ni. Sláìdì rẹ lè máà dárúkọ ọ̀nà yìí rárá, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ọ̀gá gbà. Nítorí náà, kí ohun àkọ́kọ́ tó wà lókè ojú ewé ìṣirò rẹ jẹ́ ọ̀nà tó lò nínú iṣẹ́ tó ṣe lójú pátákó tàbí nínú tùtóríà. Bí kò bá hàn, bi í léèrè. Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn lérè ju kí èèyàn fi gbogbo òru jákì lọ.

Wàyí o, àpẹẹrẹ kan kò tó fún ìtumọ̀ kan. Wá èkejì tó jọ ọ́ gan-an, àmọ́ tó bọ́ sí òdìkejì, kí o lè rí ohun tó yí i padà. Jẹ́ kí ìyá wa nìkan fi owó lé e, kí àwọn yòókù lójú pópó náà ṣì máa tà á ní ₦400. Àwọn oníbàárà á kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì. Ká ní títà rẹ̀ bọ́ láti 100 sí 60. Ìdá 40 pín sí 25 jẹ́ 1.6, ó ti ju 1 lọ. Omi ṣì ni omi. Ohun tó yàtọ̀ ni pé nígbà àkọ́kọ́ kò sí ibi tí oníbàárà fẹ́ sá sí, nígbà kejì ibi tó fẹ́ sá sí ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, o ti kọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ "àfidípò" lórí ìlà ìkẹyìn sláìdì túmọ̀ sí, o sì ti rí ìdí tí ẹni tó bá kọ pé "omi kì í ní ẹlasitísítì torí ó pọn dandan" kò fi ní gba gbogbo máàkì. Ọjà wo? Ti gbogbo àdúgbò ni, àbí ti ẹnì kan?

Kí o tó kúrò níbẹ̀, ṣírò owó tó wọlé. Kí owó tó yí padà, ₦400 lọ́nà 100 jẹ́ ₦40,000. Nígbà tí gbogbo wọn jọ fi owó lé e, ₦500 lọ́nà 90 jẹ́ ₦45,000, owó tó ń wọlé gòkè. Nígbà tó dá a ṣe, ₦500 lọ́nà 60 jẹ́ ₦30,000, owó tó ń wọlé já wálẹ̀. Ó jẹ́ pé sláìdì tó wà fún owó tó ń wọlé, tó ṣeé ṣe kó wà ní nǹkan bíi sláìdì 20 níwájú, ti wọnú ojú ewé kan náà. Nítorí irú àsopọ̀ báyìí ni kò fi yẹ kí o tẹ̀ lé ètò sláìdì.

"Àkókò" náà lórí ìlà yẹn, wá tirẹ̀. Ẹni tó ń wọ dánfó láti Agége sí Yàbá, bí wọ́n bá fi owó kún un láàárọ̀ òní, á san án, torí iṣẹ́ ń dúró dè é. Láàárín oṣù díẹ̀ ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Agbádó sí Oyíngbò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ́dún 2024. Bí àkókò bá ṣe gùn sí i ni oníbàárà ń rí ọ̀nà míì. Kò ju gbólóhùn méjì lọ nínú nóòtì. Àwọn ohun méjì yòókù náà, gbólóhùn méjì méjì.

Má lo epo bẹntiróòlù fún ìṣirò, bó ti wù kó wù ẹ́ tó. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, jálá epo ní Èkó fò láti nǹkan bíi ₦185 sí nǹkan bíi ₦488. Ó dà bí àpẹẹrẹ tó dùn jù lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náírà tún já wálẹ̀ sí dọ́là, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ gbéra, àwọn iléeṣẹ́ míì dín ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń wá kù. Nǹkan yòókù kò dúró bó ṣe wà. Ibi tó ti wúlò fún nóòtì rẹ ni ìtumọ̀: kọ ọ́ sábẹ́ "gbogbo nǹkan yòókù" bí àpẹẹrẹ ohun tó ń ba ìwọ̀n jẹ́. Bí lẹ́kítọ̀rà bá bèèrè ìdí tí gbólóhùn yẹn fi wà, o ní ìdáhùn tí kò sí nínú ìwé ẹlòmíì.

Ìbéèrè ló kàn. Má gbìyànjú láti fọ̀ọ́tẹ̀lẹ̀. Gba áwùtìláìnì kọ́ọ̀sì náà, kí o wo àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀: ṣàlàyé, fi ìyàtọ̀ hàn, ṣírò, gba èèyàn nímọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, mú pasíkúẹ́ṣọ̀n ọdún mélòó kan. Iléeṣẹ́ fótókọ́pì tó wà nítòsí géètì á ní i. Ṣùgbọ́n wo orúkọ lẹ́kítọ̀rà tó wà lókè rẹ̀ kí o tó gbà á gbọ́, torí bí ẹni tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì bá ti yí padà, ìbéèrè máa ń yí padà tẹ̀ lé e. Ìbéèrè tó bá jáde léraléra lábẹ́ orúkọ ẹni tó ń kọ́ yín báyìí, tó tún jẹ́ ohun tó pẹ́ lé lórí ní kíláàsì, ni kí o kọ sí òkè. Èyí tó bá ní ẹ̀rí kan ṣoṣo, kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀rí kankan, ìwọ fi ìtumọ̀ rẹ̀ àti àpẹẹrẹ kan sílẹ̀, má pa á rẹ́. Mo ti rí àwọn tó fi ọ̀nà yìí ju ìdajì kọ́ọ̀sì nù, kárí-ófà ló kẹ́yìn rẹ̀.

Láti inú ojú ewé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni máa kọ fún apá kíkọ. Èkíní: fi ìyàtọ̀ hàn láàárín bí ìlà díìmáǹdì ṣe dagun sí àti ẹlasitísítì rẹ̀, kí o fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn. Èkejì: owó báàgì omi kan lọ láti ₦400 sí ₦500, títà sì bọ́ láti 100 sí 90, ṣírò ẹlasitísítì rẹ̀, kí o sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó tó ń wọlé. Ẹ̀kẹta: olómi kan fẹ́ fi owó lé ọjà rẹ̀ kí èrè rẹ̀ lè pọ̀, gbà á nímọ̀ràn. Ẹ̀kẹta yìí ló ń ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ á kọ "kó fi owó lé e" tàbí "kó má fi lé e" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdáhùn tó gba máàkì máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá òun nìkan ni àbí gbogbo wọn, á ṣírò méjèèjì, á fi owó tó wọlé ti ìpinnu lẹ́yìn, á sì rántí pé owó tó wọlé kọ́ ni èrè, torí owó tí òun fúnra rẹ̀ fi ra báàgì kọ̀ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀. Má kọ gbogbo ìdáhùn yìí ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ sí nóòtì. Kọ egungun rẹ̀ ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ẹ̀yìn ewé, kí ìbéèrè wà níwájú.

Ní ọjọ́ kejì, láì ṣí sláìdì, fi ìbéèrè náà dán ara rẹ wò lórí bébà òfìfo, kí o sì fi aago sí i. Nígbàkigbà tí o bá ní láti padà sórí sláìdì kí o tó lè tẹ̀ síwájú, nǹkan kan ṣì sọnù nínú nóòtì. Fi bírò àwọ̀ míì kọ ọ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ nóòtì lo padà sí, tí ìdáhùn sì wà níbẹ̀, nóòtì ti dára, ìwọ ló kù tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Àìsàn méjì ni, ìwòsàn wọn kò sì jọra.

Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí sláìdì tó jẹ́ àwòrán nìkan. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwòrán díìmáǹdì, pa á rẹ́ lójú, kí o yà á fúnra rẹ, owó ọjà lórí ìlà tó dúró, iye lórí èyí tó dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà. Kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé lórí ìlà gbọọrọ kan náà, ẹlasitísítì ju 1 lọ ní òkè, ó jẹ́ 1 ní àárín gangan, kò sì tó 1 ní ìsàlẹ̀. Ìlà náà kò yí bó ṣe dagun padà, nọ́ńbà ló ń yí.

Fún apá orí kọ̀mpútà, ìwọ ni kí o kọ ìbéèrè oní-yíyàn fún ara rẹ, kí o sì fi àṣìṣe ṣe àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Bí àpẹẹrẹ, fún ìyá olómi nígbà tí owó gòkè láti ₦400 sí ₦500, tí ọ̀gá bá ń lo ọ̀nà tí kì í ṣe ìdáméjì:

```
(a) 0.1    (b) 0.4    (d) 0.56    (e) 2.5
```

(b) ló tọ̀nà. Ẹni tó bá mú (a) ti ka iye báàgì tó ń lọ fún náírà kan bí ẹlasitísítì. Ẹni tó mú (d) bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kó parí sí. Ẹni tó mú (e) fi owó sí òkè, ó fi iye sí ìsàlẹ̀. Bí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá kọ bíi mẹ́wàá irú ẹ̀ fún ara yín, tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀, ìdáhùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú á sọ fún yín ojú ewé tó yẹ kó padà lọ kà.